Pásẹ́ńtì nìkan kò lè sọ irú ìtò tó jẹ́

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ya ojú ìwé ìṣirò ọmọ mi ránṣẹ́ sí yín. Obìnrin kan ló ń sọ owó sí kóló. Ó sọ ₦5,000 sí i ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó wá ń fi 10% kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wá iye tó sọ sí i ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, àti àpapọ̀ owó náà. Tíṣà tó ń kọ́ wọn nírọ̀lẹ́ ní níbi tí pásẹ́ńtì bá ti wà, ìtò nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní jíípíì ni. Ọmọ mi rí ₦14,265.58, ṣùgbọ́n ₦10,500 ló wà lẹ́yìn ìwé. Ṣé ìwé ló ṣì í tẹ̀ ni? (Ìyá ọmọ kan, Gàá Àkànbí, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìwé kò ṣì í tẹ̀ o. Òjìji fóònù ló ṣú bo ìparí ìlà kẹta nínú fọ́tò tí ẹ yà. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù tèmi kí n tó rí i kà: ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé obìnrin náà ń fi 10% iye tó sọ sí kóló ní ọ̀sẹ̀ kìíní kún un. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n wí, wọn ò wí ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ìṣirò ọmọ yín mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ ìbéèrè mìíràn ló dáhùn.

Fọ́tò tó ṣú kò bí mi nínú. Òfin tí wọ́n fi kọ́ ọmọ náà ló bí mi nínú. Ní gbogbo ìgbà tí Wáẹ́ẹ̀kì bá ti ń súnmọ́lé báyìí, bẹ̀rẹ̀ láti Ìlọrin títí dé Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, àwọn ọmọ á máa gbé bébà kékeré kan kiri tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí: bí o bá rí "ń fi kún un", èépíì ni, bí o bá rí "pásẹ́ńtì", jíípíì ni. Irọ́ ni. Ẹ wo ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi yìí: "ń fi kún un" wà nínú rẹ̀, "pásẹ́ńtì" náà wà nínú rẹ̀. Èwo ni bébà náà fẹ́ mú níbẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo ló ń ya ìtò èépíì àti ìtò jíípíì sọ́tọ̀: ṣé iye tí à ń fi kún un dúró lójú kan ni, àbí òun náà ń dàgbà? Bí 10% bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kìíní, 10% ti ₦5,000 ni, ìyẹn ₦500. Ọ̀sẹ̀ kìíní ti lọ, owó rẹ̀ kò lè yí padà mọ́, nítorí náà ₦500 yẹn kò ní yí padà láéláé. Obìnrin náà á sọ 5,000, lẹ́yìn náà 5,500, lẹ́yìn náà 6,000, lẹ́yìn náà 6,500. Iye kan náà là ń rò mọ́ ọn títí lọ. Ìtò aláròpọ̀ nìyẹn, òun ni àwọn ọmọ ń pè ní èépíì.

Ká ní ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni wọ́n sọ ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. 10% ti 5,000 jẹ́ 500, ó di 5,500. Ṣùgbọ́n 10% ti 5,500 jẹ́ 550, ó di 6,050. 10% ti 6,050 wá jẹ́ 605. Àfikún gan-an ń dàgbà. Ohun tó dúró lójú kan níbí ni ìlọ́po: 1.1 la fi ń sọ iye ọ̀sẹ̀ kan di púpọ̀ kó tó di ti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìtò onílọ́po nìyí, tí wọ́n ń pè ní jíípíì.

Ibi tí ọmọ ti ń ṣubú rèé: ìtò méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 5,000, ọ̀sẹ̀ kejì àwọn méjèèjì sì jẹ́ 5,500. Ọmọ tó bá kọ iye méjì péré sílẹ̀ kò lè fi ojú rẹ̀ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, èwo tó bá wà lórí bébà ọwọ́ rẹ̀ ló máa mú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀nà pín: ọ̀kan 6,000, èkejì 6,050. Nítorí náà, kó kọ iye mẹ́ta sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan òfin kankan. Kó yọ ti ìṣáájú kúrò nínú ti ẹ̀yìn, ní ẹ̀ẹ̀mejì. 500 àti 500: aláròpọ̀ ni. Bí ó bá rí 500 àti 550, kó padà sórí iye mẹ́ta náà, kó fi iye ìṣáájú pín iye ẹ̀yìn, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ó bá rí 1.1 àti 1.1, onílọ́po ni. Bí kò bá sí èyí tó bára mu nínú méjèèjì, a jẹ́ pé kò ka ìbéèrè náà dáadáa, tàbí kó jẹ́ pé ìtò náà kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ti inú ìwé. Lẹ́tà a ni iye àkọ́kọ́, d ni ohun tí à ń fi kún un, n ni ipò tí à ń wá.

```
Tn = a + (n − 1)d
T12 = 5000 + (12 − 1) × 500
    = 5000 + 5500
    = 10500
```

Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ n − 1, tí wọn ò fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀ kíá. Bí òpó iná méjìlá bá tò sójú títì, àlàfo mọ́kànlá ló wà láàárín wọn. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò gba àfikún kankan, 5,000 lásán ló jẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni ₦500 ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tó bá lo 12 á rí 11,000, iye ọ̀sẹ̀ kẹtàlá sì nìyẹn. Kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó fi 1 sí ipò n kó wò ó: bí kò bá rí 5,000, òfin tó kọ kò tọ́.

Àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ méjìlá wá ńkọ́? Mo fẹ́ kó mọ ibi tí òfin náà ti wá, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní gbàgbé rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Kó to iye méjèèjìlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó sì tún wọn tò sábẹ́ rẹ̀ láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa para pọ̀ jẹ́ iye kan náà: 5,000 pẹ̀lú 10,500 jẹ́ 15,500, 5,500 pẹ̀lú 10,000 jẹ́ 15,500, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa lọ títí. Méjìlá irú rẹ̀ jẹ́ 186,000. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì la ka owó náà, nítorí náà a pín in sí méjì, ó di 93,000. Òfin náà kò wí ju èyí lọ:

```
Sn = (n/2) × [2a + (n − 1)d]
S12 = 6 × (10000 + 5500)
    = 6 × 15500
    = 93000
```

₦10,500 ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ₦93,000 ní àpapọ̀. Kí ó má pa méjèèjì pọ̀ o. Iye tó wọ kóló ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni T12, gbogbo ohun tó wà nínú kóló nígbà tí wọ́n bá fọ́ ọ ni S12.

Mi ò fẹ́ kí ọmọ náà da iṣẹ́ tó ti ṣe nù, nítorí ìbéèrè ti ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá náà lè jáde. Lẹ́tà r ni ìlọ́po:

```
Tn = a × r^(n − 1)
T12 = 5000 × 1.1^11 = 14265.58

Sn = a(r^n − 1) / (r − 1)
S12 = 5000 × (1.1^12 − 1) / 0.1 = 106921.42
```

Ẹ rí i pé 11 ló wà lórí 1.1 nínú èyí àkọ́kọ́, 12 sì ló wà lórí rẹ̀ nínú èkejì. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń lọ. Òmíràn tún ni pé ọmọ á rí 10%, á sì kọ r = 0.1. Kó kàn fi wá iye ọ̀sẹ̀ kejì: 5,000 lọ́nà 0.1 jẹ́ 500. Owó tí wọ́n ní ó ń pọ̀ sí i ti wá dín kù, ó yẹ kí ara ẹni tó kọ ọ́ fu. 1 tó dúró fún owó àtijọ́ àti 0.1 tó dúró fún àfikún ló para pọ̀ di 1.1. Kí ó má sì gé nọ́ńbà láàárín ọ̀nà. Bí ó bá kọ 2.85 dípò 1.1^11, ₦14,250 ló máa rí, ₦15.58 ti bọ́ dànù. Kó jẹ́ kí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ di gbogbo rẹ̀ mú títí dé òpin.

Bí ẹ bá fi àpapọ̀ méjèèjì wéra, ẹ ó rí ohun tí òfin orí bébà yẹn ṣe: ó fi ₦13,921.42 tí kò sí níbì kankan kún kóló obìnrin ẹlẹ́ni.

Àwọn kan á bèèrè pé bí ìbéèrè kò bá wá sọ ibi tí 10% ti wá ńkọ́, tó kàn ní "ó ń fi 10% pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀". Ohun tí a sábà máa ń gbà ni pé ti ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ìyẹn onílọ́po. Kí ọmọ kọ ọ́ sókè iṣẹ́ rẹ̀ pé bí òun ṣe kà á nìyẹn. Jíípíì sì lè wà láìsí pásẹ́ńtì rárá: bí wọ́n bá ní owó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, kò sí pásẹ́ńtì níbẹ̀, ìtò onílọ́po sì ni.

Fọ́tò ni mo fi dáhùn yìí, mi ò rí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ìlà kẹrin ṣì ṣú, mi ò sì lè búra pé kò sí nǹkan tó yí ọ̀rọ̀ padà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé bá tèmi mu. Ẹ gbé ìwé náà síta lójú ọ̀sán, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ má dúró síbi tí òjìji yín á ti bò ó, kí ẹ sì tún un yà. Tíṣà ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn ní kó kọ iye mẹ́ta àkọ́kọ́ inú ìbéèrè yìí sójú pátákó níwájú ọmọ náà. Bébà kékeré yẹn ní tirẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ lónìí.