Bí a ṣe ń wọ inú ọ̀rọ̀ tó ti ń lọ lọ́wọ́

“Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, kí n tó ráyè sọ tèmi, wọ́n á ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má dúró de ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kò ní wá. Àlàfo tó wà láàárín ẹni tó ń parí ọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbà á kì í sábà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ti mí sínú kí onítọ̀hún tó parí. Ẹ máa gbọ́ ọ: ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á sì wojú àwọn tó kù. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti ní, “Ẹn-ẹ́n, èyí tí ẹ sọ yẹn…”

Lọ́jọ́ Sátidé, owó mọ́tò ni wọ́n ń sọ nígbà tí mo dé. Mo ní “Ẹ kú ọ̀rọ̀ o”, mo jókòó, mo ń gbọ́. Bàbá kan ní owó Iléṣà ti gbẹ́nu sókè. Mo bi í pé, “Bàbá, ṣé Ifẹ̀ lẹ gbà lọ ni?” Gbogbo ojú yí sí mi. Mo jẹ́ kó dáhùn tán kí n tó sọ tèmi.

Tó bá jẹ́ òwe lẹ fẹ́ fi wọlé lójú àgbà, ẹ má gbàgbé “tótó ó ṣe bí òwe”.