Lẹ́tà sí Bàbá Tó Ń Mu Sìgá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Bàbá mi wà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 62. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń mu sìgá. Kí wọ́n tó fọnu láàárọ̀ ni wọ́n ti ń tan àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbìyànjú láti jáwọ́, àmọ́ mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń bá wọn wí. Kí ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Ẹ má to orúkọ àìsàn sínú lẹ́tà náà. Bàbá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí, ara páálí sìgá gan-an ni wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí. Tí ọmọ bá fi ikú dẹ́rù ba àgbàlagbà tó ń mu sìgá, sìgá náà ló máa tún mú láti fi pa ẹ̀rù ọ̀hún. Ẹ sọ fún wọn pé kò tíì pẹ́ jù: ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ lórí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ẹni tó jáwọ́ ní nǹkan bí ọmọ 60 ọdún ń fi bí ọdún mẹ́ta kún ẹ̀mí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ tọrọ. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọjọ́ kan tí ẹ ó fi sìgá sílẹ̀. Màá wálé lọ́jọ́ náà, màá sì dúró tì yín fún ọjọ́ mẹ́rin.”

Ọjọ́ mẹ́rin yẹn nídìí. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ara máa ń bèèrè nikotíìnì jù, ìyẹn èròjà inú sìgá tó ń di bárakú. Wọ́n á máa kanra, oorun ò ní dá, ikọ́ pàápàá lè pọ̀ sí i díẹ̀. Ẹ ti sọ fún màmá tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má rò pé ìjà ni. Ó máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Ṣíṣáná sí sìgá kété tí wọ́n bá jí fi hàn pé nikotíìnì ti wọ̀ wọ́n lára gan-an. Ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì tí wọ́n fi ń rọ́pò sìgá wà, oní-mílígíráàmù 4 ló bá irú wọn mu, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn ló ń tà á, nítorí náà ẹ wá a kí ẹ tó kúrò nílé. Tí àìsàn ọkàn bá wà, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ obì. Kí wọ́n rọra rún un títí yóò fi máa ta wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó bá rọlẹ̀, kí wọ́n tún un rún, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí òsúkè bá mú wọn tàbí tí inú ń rú wọn, wọ́n ń yára rún un jù ni.

Tí wọ́n bá tún mu ẹyọ kan, ẹ má bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbìyànjú lẹ́ẹ̀mélòó kan kí wọ́n tó jáwọ́ pátápátá. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n mu ún, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti nílò ìrànlọ́wọ́ nígbà mìíràn.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n ń rù láìnídìí, ẹ má dúró de lẹ́tà. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì.