Iṣẹ́ ilé ìwé lọ́sàn-án, iṣẹ́ orí ayélujára lálẹ́: ohùn mélòó ni agbára rẹ ká lọ́sẹ̀?

*Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Kábà ni mo ń gbé, ilé ìwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ ọmọ, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Lálẹ́, mo máa ń gbọ́ ohùn tí àwọn oníbàárà òkè òkun gbà sílẹ̀, mo sì máa ń tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde fún wọn. Ohùn bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ni mò ń gbà lọ́sẹ̀. Lóṣù tó kọjá, méjì pẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n dín owó mi kù, oorun sì ń kùn mí nínú kíláàsì. N kò fẹ́ fi èyíkéyìí nínú iṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?*

Ọ̀kun o, àbúrò mi. O kú làálàá.

Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe ọ́. Ìṣirò tí o fi ń gba iṣẹ́ ni kò péye. Bí oníbàárà bá ní ohùn òun gùn ní wákàtí kan, ọkàn èèyàn á sọ pé wákàtí kan àti díẹ̀ ni òun máa lò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá pàápàá máa ń lo nǹkan bíi wákàtí 4 lórí ohùn wákàtí kan tó mọ́ ketekete. Bí àwọn méjì bá ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn wọn, ó lè tó 6 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń pín irú iṣẹ́ yìí fún àwọn èèyàn, ibi gbígbà á ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń kọsẹ̀, kì í ṣe ibi ṣíṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí o mọ iye tìrẹ. Mú ìṣẹ́jú 10 láàárín ohùn kan, má mú ìbẹ̀rẹ̀, torí ìkíni ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn sì máa ń yá. Fi fóònù ka àkókò, kí o tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ká ní ó gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 45. Ìṣẹ́jú 4 ààbọ̀ nìyẹn fún ìṣẹ́jú kan ohùn. Fi ìṣẹ́jú kan kún un, torí o gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ gbọ́ látòkè délẹ̀ kí o tó fi ránṣẹ́. Ó di 5 ààbọ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ tí ò ń gbà lọ́sẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 150. Tí o bá fi 5 ààbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 45 ló jẹ́.

Wá wo àyè tí o ní. Ìwọ tí o ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, ó kéré tán, wákàtí 7 ni àgbàlagbà nílò láti fi sùn, nítorí náà o gbọ́dọ̀ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, wákàtí 8 nìyẹn. Fi wákàtí 3 kún un láàárọ̀ Sátidé. Ó di 11. Wákàtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 tó kù yẹn, ara oorun rẹ lo ti ń yọ ọ́.

Má sì ta wákàtí 11 yẹn tán. Iná máa lọ, nẹ́tíwọ́kì máa ṣe ségesège, ìwé àwọn ọmọ máa dé ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ tí o kò retí. Ta 7. Wákàtí 7 gba ohùn ìṣẹ́jú 75, ìdajì ohun tí ò ń gbà báyìí. Mo mọ̀ pé owó ni, ó sì ń dùn mí láti sọ ọ́. Àmọ́ ìdajì tí o máa fi sílẹ̀ ṣe pàtàkì: èyí tó láriwo ni. Ìṣẹ́jú ohùn ni wọ́n fi ń ka owó rẹ, bí ohùn aláriwo bá gba ìṣẹ́jú 8 lórí ìṣẹ́jú kan, owó kan náà ni wàá gbà fún làálàá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan ààbọ̀. Gbọ́ ibi mẹ́ta nínú ohùn kí o tó sọ pé o gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò àti ọ̀sẹ̀ kíkọ èsì sínú káàdì, má gba nǹkan kan rárá. O mọ ọjọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, sọ fún àwọn oníbàárà rẹ ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, wo aago. Bí oníbàárà tó wà ní Níú Yọ́ọ̀kì bá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ní Kábà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ó sì di mọ́kànlá nígbà òtútù, torí àwọn máa ń yí aago wọn padà ní Sọ́ńdè kejì oṣù Kẹta àti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, àwa kì í yí tiwa. Bí o bá rí `UTC` lójú kọ̀ǹpútà, fi wákàtí kan kún un lọ́jọ́kọ́jọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ ní aago Kábà, kí o sì fi ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀ ṣe ọjọ́ tìrẹ. Gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́kì bá dára, kó jẹ́ pé fífi ránṣẹ́ nìkan ni dátà máa kàn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní Ìsánlú. Iná lọ láti àárọ̀, mo mọ̀ ní ọ̀sán pé n kò ní bá a, mo dákẹ́, mo ń retí iná. Ìgbà tí mo fi ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oníbàárà náà ní ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, ẹlòmíì ni ìbá bá òun parí rẹ̀. Kò tún gbé iṣẹ́ fún mi mọ́. Nítorí náà, bí àkókò bá ti dé ìdajì, tí iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì, kọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an. Sọ iye ìṣẹ́jú tí o ti tẹ̀, sọ wákàtí tí ìyókù máa dé, kí o sì fi èyí tó ti parí ránṣẹ́.

Ara náà ní àmì tirẹ̀. Bí o bá ti ń dá gbólóhùn kan padà lẹ́ẹ̀mẹrin kí o tó gbọ́ ọ, tàbí tí o rí i pé ẹnì kan ní òun kò lọ, ìwọ sì tẹ̀ ẹ́ pé ó lọ, tì í pa. Ohun tí wàá tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wàá tún un tẹ̀ ni. Máa ka ìṣẹ́jú 10 yẹn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí 45 bá ti di 60 lórí ohùn tó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àárẹ̀ ti wọlé. Bí ìkórìíra iṣẹ́ bá tún wá tẹ̀ lé e, tí ojú àwọn ọmọ kíláàsì ń sú ọ, ìyẹn gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàpèjúwe ní 2019: kí agbára tán, kí ọkàn kúrò lára iṣẹ́, kí iṣẹ́ má sì dára mọ́. Kí iṣẹ́ alẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà náà.

Ka ìwé tí ilé ìwé fi gbà ọ́, bóyá ó lòdì sí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀: Àfikún Karùn-ún nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba alákòókò kíkún láàyè láti máa ṣe òwò tàbí iṣẹ́ àdáni, iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Fún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, má gba tuntun kankan lọ́sẹ̀ yìí. Ka ìṣẹ́jú ohùn tó ṣẹ́kù, fi 5 ààbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, bí ó bá ju wákàtí 11 lọ, oníbàárà tí ọjọ́ rẹ̀ jìnnà jù ni kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí lálẹ́ òní.