Orin tí ìyá mi kọ sínú fóònù láti Ìkẹ́rẹ́

*“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ó di oṣù mẹ́jọ tí mo ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀kọ́ mi. Adó-Èkìtì ni wọ́n ti bí mi. Àárò ilé ń ṣe mí gan-an. Orin wo lẹ máa ń gbọ́ tí ara fi máa ń tù yín? Gbogbo èyí tí mo ń gbọ́, ẹkún ló ń fà fún mi.”*

Àbúrò mi, ọdún mẹ́rin ni mo lò ní Mansẹ́sítà kí n tó padà sílé. Àṣìṣe tí o ń ṣe yìí ni èmi náà ṣe fún odindi ọdún kan, nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Tí mo bá dé ní àárọ̀, màá fa kọ́tìnnì bo ojú fèrèsé, màá fi íàpíìsì sétí, màá wá máa gbọ́ àwọn orin tí mo ti kó jọ: orin ìyá, orin ìrìn àjò, orin ọmọ tó lọ tí kò padà. Mo rò pé ilé ni mo ń rántí. Ohun tí mo wá rí lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni pé, lẹ́yìn orin wọ̀nyẹn, mi ò kì í fẹ́ pe ìyá mi mọ́. Tó bá pè mí, màá jẹ́ kí fóònù náà dún títí yóò fi dákẹ́, nítorí mo ti sunkún, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lóhùn mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orin tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ń pa mí lára, ó sì rọrùn fún ìwọ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò: tí orin bá parí, ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o pe ilé, àbí ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o yí ojú sógiri? Èyí tó bá ń kọ ojú ẹ sógiri, yọ ọ́ kúrò nínú fóònù ẹ. Omijé kọ́ ni wàhálà o. Orin tó dára lè mú omijé wá, kó o sì dìde lẹ́yìn rẹ̀ kó o lọ gbé omi kaná.

Ohun kejì tí mo kọ́ ni pé orin Yorùbá àjùmọ̀lò, bó ti wù kó dùn tó, kò dé ibi tó ń dùn mí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ Èkìtì kan tá a jọ ń gbé fi orin Elémùrẹ́ Ògúnyẹmí sí i nínú kíṣìnì, ẹni tó fi ẹnu Èkìtì kọrin. Mo dúró lójú kan náà pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kì í ṣe ìtàn inú orin náà ló mú mi, ẹnu tí wọ́n fi kọ ọ́ ni. Ìwọ náà mọ̀ pé àwa kì í sọ “ilé” nílé, “ulé” là ń wí. “Uyán” là ń jẹ, “uṣu” là ń wà lóko. Ọdún Ùdírókò tìrẹ ní Adó, “ùdí” tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn mìíràn ń pè ní “ìdí”. Ohùn orí ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, nítorí náà orin lè gùn ún bákan náà, ṣùgbọ́n “u” yẹn ni etí ọmọdé wa fi mọ ẹni tó ń pè wá. Odindi ọdún kan ni mo ti lò tí ẹnikẹ́ni kò fi “u” pè mí.

Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ìyá mi pé kó kọ alámọ̀ sí mi lórí WhatsApp. Bí o kò bá tíì fetí sí i dáadáa rí, alámọ̀ ni orin tí àwọn obìnrin Èkìtì máa ń kọ níbi ìnáwó. Ẹnì kan a máa lé e, àwọn yòókù a máa gbè é. Oríkì ìdílé pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni wọ́n ń dárúkọ àwọn tí a ti ara wọn wá. Orin àárò kọ́ ni, ayẹyẹ ló wà fún. Bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi rẹ̀ mí sílẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ kò dára. Ìyá mi jókòó, ó mú fóònù dání, ó kọ ìlà méjì pẹ̀lú ohùn tó le bíi ti ẹni tó ń ka ìwé níwájú olùkọ́, ó ní òun ti gbàgbé. Ìgbà kejì, mo ní kó ṣe é níbi tó ti ń gún iyán. Ó kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ odó bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ odó gan-an ló gbé fóònù sí. Ìgbà kẹta la rí i ṣe. Mo ní kó jẹ́ ìgbà tó bá ń bẹ iṣu, nítorí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí ariwo. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi tẹ àmì máìkì, kó fà á sókè kó lè máa gbà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì gbé fóònù sórí àpótí ní nǹkan bí ìwọ̀n apá kan sí ẹnu ìyá mi. Ìṣẹ́jú méje ló gbà. Ọ̀bẹ ń dún lára iṣu, adìyẹ kan ń ké lẹ́yìnkùlé, ẹnì kan kí i láti ìta, ó dáhùn, ó sì bá orin rẹ̀ lọ. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ ìtumọ̀ wọn. Mo kọ wọ́n sílẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni mo sì máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyá mi ṣe ń ṣàlàyé wọn ló ń sọ ìtàn tí kò sọ fún mi rí, nípa ìyá tirẹ̀, nípa ìyàwó ilé kan tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lé orin tó bá wà níbẹ̀. Ìpè tó ti di wàhálà fún mi tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí mo ń retí. Àkókò kò sì há wa mọ́ra: nígbà òtútù wákàtí kan péré ni Nàìjíríà fi ṣáájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ooru aago wa bára mu.

Tó o bá ti rí tìrẹ gbà, má ṣe gbọ́ ọ lórí ibùsùn. Mo gbé tèmi sí ọjọ́ Sátidé, lọ́sàn-án, nígbà tí mo bá ń dáná, mo sì ń gbè é sókè pẹ̀lú ẹnu mi. Ìlà kan lọ́sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ. Ní Disẹ́ńbà tí ilẹ̀ máa ń ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, mo máa ń parí rẹ̀ kí òkùnkùn tó dé, nítorí lẹ́yìn ìyẹn orin kan náà a máa wúwo sí mi lára.

Ohun kan wà tí orin kò lè ṣe. Tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ kò wọlé sí ẹ lẹ́nu, tí oorun kò kùn ẹ́, tí o kò sì lè lọ sí kíláàsì, lọ bá dókítà tí wọ́n forúkọ ẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo pẹ́ kí n tó lọ. Kò yẹ kí n pẹ́.

Pe ìyá ẹ lónìí kó o bi í léèrè ta ló máa ń lé orin nílé yín. Tó bá ní ohùn òun ti há, ní kó kọ ọ́ bó ti há yẹn.