Iye tó yẹ kí o pè fún iṣẹ́ dátà àkọ́kọ́ rẹ

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Excel ṣàyẹ̀wò dátà. Ẹnì kan ní kí n bá òun tún àkọsílẹ̀ ọjà tí òun tà ṣe, kí n sì ṣírò iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan rà lóṣooṣù. Èló ni kí n pè? Àbí kí n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́?"

Má ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, má sì tíì dárúkọ owó kankan. Kọ́kọ́ gba fáìlì náà lódindi. Ẹnì kan ti fi ìlà mélòó kan láti òkè fáìlì rẹ̀ hàn mí rí, ó mọ́ tónítóní. Mo ní kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ìsàlẹ̀ ló ti dàrú: ọwọ́ ẹlòmíì ni àkọsílẹ̀ ti bọ́ sí lágbedeméjì, oníbàárà kan ṣoṣo sì ti ní orúkọ mẹ́ta.

Ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Bó bá wà ní òpó A, kọ èyí sí òpó tó ṣófo, kí o fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=ISNUMBER(A2)
```

Èyí tó bá mú FALSE wá, Excel ò kà á sí ọjọ́, kò sì ní kó o sábẹ́ oṣù rẹ̀. Àmọ́ TRUE náà ò ní kí ọkàn rẹ balẹ̀ pátápátá. 03/04 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ẹni tó ni dátà ni kí o bi.

Lẹ́yìn náà, mú ìlà 200 lápapọ̀ láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, tún wọn ṣe, kí o wo aago. Ohun tí fọ́múlà kan lè tún ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, má kà á mọ́ ọn. Èyí tí o ní láti fojú wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni kí o wọ̀n. Bí fáìlì bá ní ìlà 4,000, tí 200 sì gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 15, wákàtí 5 nìyẹn. Fi wákàtí 2 kún un fún tábìlì tó máa fi iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan rà lóṣooṣù hàn, àti 1 láti rí i pé àròpọ̀ rẹ bá ti fáìlì àkọ́kọ́ mu. Ó di 8.

Wákàtí 8 yẹn ni ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ máa sanwó rẹ̀. Bí o bá fi ọ̀pọ̀ wákàtí mìíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo PivotTable tó ń ṣe irú tábìlì bẹ́ẹ̀, tìrẹ nìyẹn, torí ìmọ̀ náà á bá ọ lọ síbi iṣẹ́ mìíì. Ṣùgbọ́n má tìtorí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gé 8 kù. Ní ti owó wákàtí kan, pín owó oṣù rẹ níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́ báyìí sí iye wákàtí tí o fi ń ṣe é lóṣù. Má gbà kó kéré sí ìyẹn.

Kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀: fáìlì kan, tábìlì kan, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan, ìdajì owó ṣáájú. Bó bá ní ó wọ́n, iṣẹ́ ni kí o dín kù, kì í ṣe owó wákàtí: sọ fún un pé o lè bá a tún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn nìkan ṣe.