Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń rú èéfín àti táńkà tó ń jó

"Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yọ èéfín lójú ọ̀nà, ṣé kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì? Bí táńkà bá sì ń jó níwájú, báwo ni kí n ṣe jìnnà tó?"

Ẹ má ṣí i o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì rìn tó 30 mítà kúrò. Danfo kan tí mo wọ̀ ní Òṣòdì rú èéfín báyìí lọ́jọ́ kan. Kọ́ńdọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbayawu, atẹ́gùn wọlé, iná sì sọ gbùà: irun ìpéǹpéjú rẹ̀ jó lójú wa. Bó bá jẹ́ ooru funfun tó ní òórùn dídùn díẹ̀, omi rédíétọ̀ ló ń hó. Ẹ jẹ́ kó tutù fún 30 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀.

Ti táńkà epo, 800 mítà ni. Ti gáàsì, 1,600. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá há yín mọ́. Bẹntiróòlù máa ń ṣàn tẹ̀lé gọ́tà, iná á sì máa bá a lọ, nítorí náà ẹ sá gba òkè, síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí èéfín lè máa lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá lọ́dún 2018, táńkà kan ṣoṣo ló jó ọkọ̀ tó lé ní 50. Ẹ kọ́kọ́ jìnnà ná, kí ẹ tó pe 767 tàbí 112.