Ìṣẹ́jú 9 lórí ìgò, ìṣẹ́jú 2 lórí ohun tí mo rí

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa gbèjà pírójẹ́ẹ̀tì mi l'Ákúrẹ́ níbí. Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n fún wa. Báwo ni kí n ṣe pín in láàrin ọ̀nà tí mo gbà ṣe ìwádìí, ohun tí mo rí àti ibi tí iṣẹ́ náà kù sí?”

Àbúrò mi, omi kànga ni tèmi dá lé. Kànga 24 ni mo bu omi nínú wọn, láti Òkè-Àró dé itòsí Ọjà Ọba, kí n lè mọ̀ bóyá èyí tó sún mọ́ ṣáláńgá ló ń ní kòkòrò ìgbẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánrawò fún wa ṣáájú ọjọ́ náà gan-an, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bí mo ṣe fọ ìgò. Mo sọ ti yìnyín inú kúlà, mo sọ ti ọ̀kadà tó gbé mi. Ìṣẹ́jú 9 ti lọ kí olùkọ́ tó mú aago dání tó bi mí pé, “Kí lo wá rí?” Mo da àbájáde sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 2 bí ẹni tí ajá ń lé. Ibi tí iṣẹ́ kù sí, mi ò débẹ̀ rárá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti bi mí ní ìbéèrè: ìgbà wo nínú ọdún ni mo bu omi? Ẹnu mi wọhò.

Ibi tí a ti jìyà ló máa ń wù wá láti ròyìn, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà ìwádìí fi ń jẹ àkókò. Bẹ́ẹ̀ ìwé rẹ wà níwájú wọn. Nígbà tí mo tún un tò, ìṣẹ́jú 1 ni mo fi sọ ìbéèrè tí iṣẹ́ náà ń dáhùn, 4 fún ọ̀nà ìwádìí, 7 fún àbájáde, 2 fún ibi tó kù sí. Ìṣẹ́jú 1 tó kù, mo fi sílẹ̀ lófìfo. Ẹ mọ iná wa.

Bí mo ṣe mọ ohun tí mo máa yọ nínú ọ̀nà ìwádìí nìyí: tí mo bá yọ gbólóhùn kan, ṣé wọ́n ṣì lè gba àbájáde mi gbọ́? Fífọ ìgò jáde, mo fi í pamọ́ fún ìbéèrè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi téèpù wọn ilẹ̀ láti kànga dé ṣáláńgá dúró, torí orí ìwọ̀n yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Àbájáde méjì péré ni mo mú wọlé. Mo kọ́kọ́ sọ ìdáhùn kí n tó fi tábìlì hàn: kànga 11 ni kò jìnnà tó mítà 15 sí ṣáláńgá, 9 nínú wọn ló ní kòkòrò ìgbẹ́, nínú 13 tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀, 4 péré ni. Mo rán wọn létí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí ẹyọ kan wà nínú mílílítà 100 omi mímu. Mi ò ka tábìlì náà, ìlà kan ni mo nawọ́ sí, mo sì dákẹ́ díẹ̀ kí ojú wọn lè débẹ̀. Àbájáde kejì ni kànga kan tó jìnnà dáadáa tí kòkòrò sì kún inú rẹ̀: kò ní ìdérí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé fami sí.

Ti ibi tó kù sí, má sọ pé owó kò tó. Sọ ohun tí àbùkù náà ṣe sí àbájáde rẹ. Tèmi: “Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni mo bu omi. Lásìkò òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ a máa gòkè, ìdọ̀tí sì lè tètè dé kànga, torí náà iye tí mo rí lè kéré sí ti òjò.” Mo fi kún un pé kànga 24 kò tó láti fi sọ̀rọ̀ gbogbo Àkúrẹ́. Méjì yẹn tó.

Kọ àmì méjì sórí páálí kékeré. Tí aago bá lu ìṣẹ́jú 5, tábìlì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lójú ògiri. Tó bá lu 12, kí o ti wà níbi tí iṣẹ́ kù sí. Ilé ni kí o ti pinnu ohun tí o máa gé tí o bá pẹ́. Tèmi ni kànga aláìnídèérí yẹn, bó tilẹ̀ dùn mí. Dìde dúró, kà á sókè, kí ọ̀rẹ́ kan máa wo fóònù. Nínú ọkàn, ìṣẹ́jú 11 ni tèmi. Nígbà tí mo là á lẹ́nu, ó di 17.

Lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú 5 bá mi lórí ọ̀nà ìwádìí. Mo fo súláìdì kan, mo parí ní 14. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni bí mo ṣe fọ ìgò.